Ilé Tuntun fún Àwọn Awó

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú Káfíńtà, ẹ jẹ́ kí n sọ bọ́rọ̀ ṣe jẹ́ tán. Òun fúnra rẹ̀ ti bú ara rẹ̀ tó. Bí ẹ bá ní èébú kankan tó kù lẹ́nu, ẹ máa wá ibi tí ẹ máa fi sí lára rẹ̀ tì.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin nìkan ló kù fún un láyé. Aránṣọ ni. Ọkọ rẹ̀ ti kú, kò bímọ, ó sì ti padà wá sínú ilé tí àwọn òbí wọn fi sílẹ̀. Yàrá iwájú ló fi ṣe ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà lójú fèrèsé níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé. Káfíńtà ń rẹ́ pákó lẹ́yìn ilé. Àgbàlá ló wà láàárín ṣọ́ọ̀bù méjèèjì, àgbàlá yẹn sì làwọn ẹyẹ Aránṣọ ń gbé.

Ẹ jẹ́ kó yé yín pé kò sí nǹkan tí Káfíńtà ò mọ̀ nípa adìyẹ. Ó ti sin adìyẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó jẹ́ pé iṣẹ́ pákó gba gbogbo ọwọ́ rẹ̀. Bí adìyẹ bá ṣẹ́jú lásán, ó lè sọ ohun tó ń ṣe é. Nítorí náà, nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó pẹ́pẹ́yẹ àti awó wọlé, ẹ̀rín ló bú sí.

"Àǹtí mi, ẹyẹ ni ẹyẹ ń jẹ́. Ẹ máa fún wọn lóúnjẹ, ẹ máa fún wọn lómi, ẹ tilẹ̀kùn, ó parí."

"Ó parí lẹ́nu ẹ," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi dá a lóhùn. "Tí o bá mọ adìyẹ, adìyẹ lo mọ̀ yẹn."

Ó mọ ohun tó ń sọ, torí pé ó ti fi omijé kọ́ ọ. Àwọn ọmọ awó àkọ́kọ́ tó rà kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Méjì rì sínú abọ́ omi tí kò jìn ju ìka lọ. Ìrì òwúrọ̀ ló pa àwọn yòókù, nítorí ọmọ awó tí ara rẹ̀ bá tutù kì í pẹ́ kú. Lẹ́yìn náà ló tó mọ̀ pé òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń kó sínú abọ́ omi wọn, kí wọ́n lè mu ún kí wọ́n má bàa rì, àti pé oúnjẹ ọmọ adìyẹ kò lágbára tó fún wọn. Oúnjẹ ọmọ tòlótòló ló ń rà, á sì tún gún un kó kúná. Nínú àwọn tó tún rà, èyí tó kù lẹ́yìn gbogbo làálàá yẹn ò ju márùn-ún lọ, akọ méjì, abo mẹ́ta. Ó fẹ́ràn wọn débi pé Oníbúrẹ́dì, aládùúgbò wọn tó ń yan búrẹ́dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, máa ń sọ pé, "Aránṣọ, ṣé kí n wá máa kí yín kú ìkómọ ni?"

Ariwo awó ni Oníbúrẹ́dì ń rojọ́ rẹ̀ o. Pẹ́pẹ́yẹ tiwọn kì í ké. Akọ a kàn máa mí fùù bí ẹni tí inú ń bí. Awó ló ni ẹnu. Ológbò kọjá, wọ́n á ké. Àlejò dé, wọ́n á ké. Ewé já bọ́ lásán, áà, ẹ gbà wá! Aránṣọ á jókòó nídìí ẹ̀rọ, á máa sọ fún oníbàárà ohun tó ń lọ lẹ́yìnkùlé láìyọjú: "Ajá ti wọlé nìyẹn." Ó tún mọ ìyàtọ̀ ohùn wọn. Abo ló ń ké ní méjì-méjì, kè-kéè, kè-kéè. Akọ ò lè sọ ọ́ ní méjì, kẹ́, kẹ́, kẹ́ ni tirẹ̀ títí tó fi máa kú.

Ilé tí Aránṣọ kọ́ fún wọn ni Káfíńtà ò lè wò. Páànù àlòkù, ilẹ̀kùn àlòkù, ó ga fíofío, ó sì fì sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tó mu ọtí yó. Òkè pátápátá ló gbé àwọn igi tí awó ń bà lé sùn sí. Ojú fèrèsé ibẹ̀ fẹ̀, ó fi wáyà dí i, ó sì so gílóòbù kékeré kan mọ́ àárín rẹ̀ tó máa ń tàn ní ìrọ̀lẹ́. Ilẹ̀ làwọn pẹ́pẹ́yẹ ń sùn, lórí èérún pákó tó máa ń gbà lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀. Lójú Káfíńtà, ìtìjú ńlá ni. Ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀dì fún àwọn èèyàn ńláńlá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá ń fi páànù ìpẹtà kọ́lé ẹyẹ!

Ara Aránṣọ ti ń dùn ún láti ọjọ́ tó ti pẹ́, kò sọ. Nígbà tí kò lè fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ mọ́, wọ́n gbé e lọ sí ọsìbítù ìlú mìíràn. Dókítà ní nǹkan kan ń hù níkùn rẹ̀, àfi kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, kí wọ́n sì ṣe é kó tó tàn ká. Nígbà tí wọ́n padà délé, Aránṣọ kọ̀ jálẹ̀. Ó ní òun ò lọ. Ta ló máa tọ́jú àwọn ẹyẹ òun?

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Káfíńtà wọ egungun. Kò sọ pé, "Èmi ńkọ́?" ṣùgbọ́n ó wà lójú rẹ̀. Ó ní, "Èmi ni mo máa tọ́jú wọn, Àǹtí mi. Ẹ lọ. Mo búra fún yín."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò ó títí. Ó wá mú un jáde sí àgbàlá, ó ń gbá ògiri mú rìn, ó sì sọ ohun gbogbo fún un. Pẹ́pẹ́yẹ gbọ́dọ̀ ní abọ́ omi tó jìn tó tí orí rẹ̀ á fi wọ̀ ọ́, kó lè fi fọ ojú àti ihò imú. Kì í jẹun láìsí omi lẹ́gbẹ̀ẹ́, oúnjẹ gbígbẹ á há a lọ́fun. Lóòótọ́, á da omi síbi gbogbo, kí Káfíńtà máa pààrọ̀ èérún pákó ni, kó má bínú. Awó ní tirẹ̀ kì í wọ ilé tó bá ṣókùnkùn. "Tan iná yẹn kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí wọn ò bá rí inú ilé, orí igi ni wọ́n máa sùn, owìwí á sì mú wọn lọ. Ilé yìí ni wọ́n mọ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kó wọn sí i, ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan ni mo fi tì wọ́n mọ́ ibẹ̀ kí n tó tú ẹyọ kan sílẹ̀. Nígbà tí ìyẹn padà sọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni mo tó tú àwọn yòókù. Àbúrò mi, ṣé ò ń gbọ́?"

"Mò ń gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi."

Ó gbọ́. Ẹ má pè é ní adití. Àmọ́ bí ẹni tó ti mọ ìdáhùn tẹ́lẹ̀ ló ṣe gbọ́ ọ, ẹ̀yin náà mọ irú gbígbọ́ bẹ́ẹ̀.

Aránṣọ gbà, ó lọ. Bí ìrọ̀lẹ́ bá ti dé ló máa ń pè láti orí bẹ́ẹ̀dì ọsìbítù. Àwọn dókítà ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tíì tó, kí wọ́n kọ́kọ́ fún un lágbára kí wọ́n tó là á. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Á ní, "Gbé fóònù sún mọ́ wọn." Káfíńtà á na ọwọ́ sókè lẹ́nu ọ̀nà ilé páànù yẹn, àwọn awó á sì pariwo wọn kí wọ́n tó bà lé. Aránṣọ á rẹ́rìn-ín. Á ní, "Mo ti wálé." Lẹ́yìn náà á pa fóònù.

Ìgbà tí Káfíńtà gbọ́ pé wọ́n ti ń mú ọjọ́ iṣẹ́ abẹ ni èrò náà wọ̀ ọ́ lórí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa wálé, á wá bá ilé páànù yẹn? Rárá o! Ó máa kọ́ ilé tí ojú rẹ̀ máa rí tí á fi sunkún ayọ̀. Ṣé kò ní mọ̀ nígbà náà pé òun fẹ́ràn rẹ̀?

Ó gbé iṣẹ́ oníbàárà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó mú pákó tó dáa jù nínú ilé, èyí tó ń tọ́jú fún ilẹ̀kùn ẹlòmíràn, ó rẹ́ ẹ, ó fá a, ó so ó pọ̀ láìlo ìṣó níbi tó ti lè ṣe bẹ́ẹ̀. Apá òdì kejì àgbàlá ló gbé e sí, lábẹ́ òjìji ògiri, nítorí pé adìyẹ fẹ́ràn ibi tútù. Ó rẹlẹ̀, ó mọ́ra, ó dí pa, kí atẹ́gùn má bàa fẹ́ wọn, nítorí pé adìyẹ kì í fẹ́ atẹ́gùn. Kò so gílóòbù sí i, nítorí pé nínú òkùnkùn ni adìyẹ ti ń sinmi. Ó kun ilẹ̀ inú rẹ̀ ní ọ̀dà dídán. Kí omi má sì bàa ba ọ̀dà náà jẹ́, ó kó bàsíà omi àwọn pẹ́pẹ́yẹ kúrò, ó fi ike ìmumi adìyẹ tó ní ẹnu tóóró rọ́pò rẹ̀. Ilé náà rẹwà, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ẹni tó ń kọjá lọ dúró wò ó. Oníbúrẹ́dì ní ká kúkú jẹ́ kí òun kó wọ ibẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló wó ilé páànù lulẹ̀. Ó tú u pátápátá, ó sì kó páànù rẹ̀ fún ẹnì kan tó ń ra irin àlòkù kiri.

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, ó da àwọn pẹ́pẹ́yẹ wọ ilé tuntun, ó sì fi ọwọ́ kó àwọn awó tẹ̀ lé wọn, wọ́n ń tàpá, wọ́n ń kígbe bí ẹni tí wọ́n ń jí gbé. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, ó ṣílẹ̀kùn. Ohun tó máa ń ṣe fún adìyẹ nìyẹn, á tì í mọ́lé lálẹ́ kan, á tú u sílẹ̀, adìyẹ á sì padà wá. Àwọn awó jáde, wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn lọ síbi tí ilé páànù wà tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ń yí ilẹ̀ gbígbẹ ibẹ̀ po. Wọ́n ń yí i po, wọ́n ń ké. Títí di ọ̀sán ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Káfíńtà da àgbàdo sí ẹnu ọ̀nà ilé tuntun, wọ́n wá jẹ ẹ́, wọ́n padà síbẹ̀.

Nígbà tí ìrọ̀lẹ́ dé, ó gbìyànjú láti dà wọ́n wọlé. Èyí tó ṣáájú yọ orí wo inú ilé tó ṣókùnkùn biribiri, ó fa orí yọ, ó figbe ta, gbogbo wọn sì fò lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n bà lé orí òrùlé Oníbúrẹ́dì. Láti ibẹ̀ wọ́n bọ́ sórí igi ńlá tó wà lẹ́yìn ògiri, Káfíńtà sì dúró sísàlẹ̀, ó ń pè wọ́n bí ẹni ń pe ọmọ tó bínú kúrò nílé. Fóònù rẹ̀ ń dún lápò. Kò gbé e.

Ní òwúrọ̀, Oníbúrẹ́dì rí ìyẹ́ awó nídìí ògiri, ó ṣà á sínú ọwọ́ wá fún un. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́tẹ̀ yìí. "Káfíńtà, mo gbọ́ igbe wọn lóru," ló sọ. "Mo rò pé ariwo tí wọ́n máa ń pa náà ni." Àwọn tó kù ti rìn lọ, bí awó ṣe máa ń rìn, lọ sínú igbó tó wà lẹ́yìn ilé ìkẹyìn. Káfíńtà wá wọn títí. Ó gbọ́ ohùn abo kan lọ́ọ̀ọ́kán nígbà kan, kè-kéè, ó sáré tẹ̀ lé e, ẹ̀gún sì ya á lẹ́sẹ̀. Kò rí i. Lẹ́yìn náà kò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Ọ̀ràn àwọn pẹ́pẹ́yẹ náà kò tíì tán. Ojú wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í hó fùrùfùrù, ìpin dì í pa. Ọ̀kan nínú wọn jẹ oúnjẹ gbígbẹ, ó na ọrùn, ó ń gbọn orí, ó gbé ẹnu sí ike tóóró, orí rẹ̀ ò wọlé. Iwájú Káfíńtà ló ṣubú sí, ó sì kú. Ìgbà yẹn ló rántí bàsíà. Ó sáré gbé e wá, ó pọn omi kún un, àwọn yòókù sì ri orí bọ inú rẹ̀ títí dé ọrùn, wọ́n fọ ojú, wọ́n fọ imú, wọ́n tún ri orí. Àwọn yẹn yè. Omi náà ṣàn bo ọ̀dà dídán, ó wọ abẹ́ pákó. Káfíńtà jókòó sínú omi náà, ó ń sunkún.

Ọ̀rọ̀ pẹ́pẹ́yẹ ṣeé tún ṣe, ṣùgbọ́n pẹ́pẹ́yẹ kì í ké lórí fóònù. Ó lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta awó. Àwọn ọmọ kéékèèké ló ní, tí wọ́n ń sọ pín-ín pín-ín. Àgbà ò sí. Ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, ó sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa. Nígbà tí Aránṣọ tún pè, Káfíńtà ní wọ́n ti sùn.

"Kí wọ́n tó sùn, wọn ò pariwo?" ni Aránṣọ bi í.

"Ó ti rẹ̀ wọ́n, Àǹtí mi."

"Awó mi? Ó rẹ̀ wọ́n?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá ní, "Òwúrọ̀ ọ̀la ni wọ́n máa là mí. Ẹ̀rù ń bà mí, àbúrò mi. Jọ̀ọ́, màá tún pè. Jẹ́ kí n gbọ́ wọn lẹ́ẹ̀kan."

Ẹ wo ohun tó yẹ kó sọ nígbà yẹn. Èmi pẹ̀lú yín mọ̀ ọ́n, òun náà mọ̀ ọ́n. Ó gbé e dé ètè. Ṣùgbọ́n ó rò pé bí òun bá sọ ọ́, ẹ̀gbọ́n òun ò ní wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, torí ṣebí àwọn ẹyẹ yìí ló ń tìtorí wọn fẹ́ yè. Ó wọ inú ilé tuntun lọ, ó wólẹ̀ sínú òkùnkùn ibẹ̀, ó ń kọ́ ohùn wọn, bó ṣe rántí rẹ̀. Nígbà tí fóònù dún, ó gbé e, ó fi í lélẹ̀ lórí pákó, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, ó sì ké.

"Kè-kéè! Kè-kéè! Kè-kéè!"

Ọkùnrin tó ti ní ewú lórí. Ó ń ké bí awó lábẹ́ òrùlé tí òun fúnra rẹ̀ kàn.

Ó ń gbọ́ èémí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Lẹ́yìn náà Aránṣọ ní, jẹ́jẹ́, "Abo nìyẹn. Àwọn akọ ńkọ́?"

Káfíńtà tún fi ọwọ́ bo ẹnu. "Kẹ́," ló sọ. "Kẹ́. Kẹ́."

"Ó dáa," ni Aránṣọ wí. "Ó ti tó. Má gbàgbé láti tan iná fún wọn." Ó pa fóònù.

Káfíńtà fi gbogbo òru sọ fún ara rẹ̀ pé ó gbà á gbọ́. Ní òwúrọ̀, nọ́ọ̀sì kan pè é. Ó ní ẹ̀gbọ́n yín ti wọ aṣọ rẹ̀, ó ní òun ò ṣe mọ́, dókítà bẹ̀ ẹ́ tì. Ẹ wá mú un.

Nínú mọ́tò, Aránṣọ ti fúyẹ́ débi pé gbígbọ̀n mọ́tò ló ń gbé e síhìn-ín sọ́hùn-ún. Nígbà tí wọ́n délé, ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ tààrà sí àgbàlá. Ó wo ilẹ̀ òfìfo níbi tí ilé páànù wà. Ó wo ilé tuntun, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa ojú pákó rẹ̀, bó ṣe máa ń pa aṣọ tó dára.

"Iṣẹ́ yìí mọ́," ló sọ. "O jókòó tì í gan-an."

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo fẹ́ kí inú yín dùn ni. Nígbà tí wọ́n lọ, mo rò pé tí ẹ bá mọ̀, ẹ ò ní gbà kí wọ́n là yín."

"Ká ní o sọ fún mi pé wọ́n ti lọ, ǹ bá sunkún," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fèsì. "Ǹ bá bú ọ, èébú ńlá, ìwọ náà mọ ẹnu mi. Lẹ́yìn náà ǹ bá wọlé lọ bá àwọn dókítà. Ṣé o rò pé torí awó nìkan ni mo fẹ́ fi wálé? Ìwọ ò mọ̀ pé tí mo bá ń gbọ́ wọn, mò ń gbọ́ ẹsẹ̀ tìẹ náà nínú èérún pákó? Mò ń gbọ́ bó o ṣe ń hu ikọ́. Mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀, mo gbọ́ ọ tí ò ń ké bí abo awó fún mi. Mo ní, ẹni tí mo ní náà ti ń purọ́ fún mi, á jẹ́ pé wọ́n ti sọ fún un pé mò ń kú lọ. Ni ọkàn mi bá bọ́."

Káfíńtà dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Ó ní kí wọ́n padà sí ọsìbítù, lọ́la, kí wọ́n padà. Wọ́n padà nígbà tó yá, torí kò jẹ́ kó simi. Dókítà tún yẹ̀ ẹ́ wò, ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó ní ó ti tàn dé ibi tí ọ̀bẹ ò ní ràn án lọ́wọ́ mọ́. Ó ní kí wọ́n máa tọ́jú rẹ̀ nílé.

Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń ṣe báyìí. Ní ọ̀sán, Káfíńtà á gbé àga ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sí àgbàlá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á máa wo àwọn pẹ́pẹ́yẹ nínú bàsíà. Káfíńtà ti gé ojú fèrèsé gbàràgàdà sára ilé tuntun, ó ba iṣẹ́ dáradára yẹn jẹ́ pátápátá, ó sì so gílóòbù mọ́ ọn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ní kó ṣe é. Kò bi í pé nítorí kí ni.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó wà níbi tó ti ń fá pákó nígbà tó gbọ́ ọ. Kè-kéè! Ó dún ketekete, ó sì tún dún. Ó ju ìfági sílẹ̀, ó sáré, ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má kan ilẹ̀, ó ń pariwo, "Àǹtí mi, wọ́n ti dé! Wọ́n ti dé!"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wà lórí àga, ó kọjú sí igi ńlá ẹ̀yìn ògiri, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Kò sí ẹyẹ kankan. Ó yíjú sí i.

"Ọ̀fun lo ti ń ké tìẹ," ló sọ fún un. "Imú ló ti ń wá. Wá, jókòó. Ìwọ ṣe akọ."

Káfíńtà jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ké ní méjì-méjì, òun náà sì ń dá a lóhùn ní ẹyọ-ẹyọ, títí ohùn fi há ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Wọ́n wá dákẹ́, wọ́n ń tẹ́tí. Oníbúrẹ́dì ti pa rédíò rẹ̀ lódì kejì ògiri. Iná kékeré yẹn ń tàn nínú ilé tí kò sí awó kankan nínú rẹ̀, igi náà sì dúró bẹ́ẹ̀, nǹkan kan ò fèsì.